Owó wọlé, ta ló ni ín? Bí a ṣe ń so owó báǹkì mọ́ ọ́dà oníbàárà

*Ìbéèrè:* Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ta báàgì. Tíráńsífà báǹkì ni àwọn oníbàárà mi fi ń sanwó, èmi fúnra mi ni mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù kí n tó di ẹrù. Ọ́dà tó ń wọlé lóòjọ́ ti ń tó ogójì báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni méjì ló yẹ kó san iye kan náà. Ẹni tí kò tíì sanwó ni mo di ẹrù fún, ẹni tó sanwó sì ń bínú. Owó kan tún wọlé tí n kò mọ ẹni tó ni ín títí di òní. Báwo ni mo ṣe lè máa mọ owó tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan? N kò tíì fẹ́ lo ẹ̀rọ ìsanwó kankan.

*Ìdáhùn:*

Àbúrò, nígbà tí oníbàárà bá sọ fún ọ pé "mo ti sanwó o", kí lo máa ń ṣe? Bí o bá ṣe bíi ti ọ̀pọ̀ òǹtajà tí mo ti bá tún ìwé wọn ṣe, o máa ń ṣí áàpù báǹkì, o máa ń wá iye yẹn kiri, bí ojú rẹ bá sì ti tó o, o ti sọ pé "ó ti wọlé" nìyẹn, ó ku kí o di ẹrù. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti wọlé. Bí ẹni mẹ́ta bá jẹ ọ́ ní 12,000 lọ́jọ́ kan náà, owó 12,000 kan ṣoṣo tó wà nínú báǹkì lè jẹ́rìí fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí kò sí àmì kankan lára rẹ̀ pé o ti lò ó fún ẹnì kan.

Yí i padà. Láti inú báǹkì ni kí o ti máa bẹ̀rẹ̀. Mú owó tó wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o bi í léèrè pé ọ́dà wo ló wá fún, kí o sì kọ nọ́ńbà ọ́dà náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Owó tí o bá ti kọ nọ́ńbà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti wọ ilé ọkọ nìyẹn, ẹlòmíràn kò lè fẹ́ ẹ mọ́. Bí oníbàárà bá wá ní òun ti sanwó, owó tí kò tíì ní nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ni kí o wò. Ìyípadà kékeré ni, àmọ́ òun nìkan ì bá ti gbà ọ́ lọ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Kí a tó lọ síwájú, ọ̀rọ̀ àwòrán rísíìtì. Ohun tí rísíìtì orí fóònù oníbàárà ń sọ ni pé ẹnì kan pàṣẹ kí owó kúrò níbì kan. Kò sọ pé ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Owó lè há sí ojú ọ̀nà, báǹkì lè dá a padà, ẹni náà sì lè ti ṣètò rẹ̀ sí ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ni iye àti ọjọ́ tó wà lórí àwòrán kò ṣòro láti pa rẹ́ kí wọ́n kọ òmíràn sí i. Àlẹ́ẹ̀tì tó wọlé bí àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò ṣeé gbára lé, torí ẹnikẹ́ni lè kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tó jọ ti báǹkì. Ohun tí rísíìtì wúlò fún kò ju pé kó sọ ibi tí o máa wò: orúkọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́, àkókò tó fi ránṣẹ́, àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ tíráńsífà náà. Inú áàpù báǹkì tìrẹ, tí o fúnra rẹ ṣí, ni ìdáhùn wà. Bí àkọsílẹ̀ níbẹ̀ bá sì ṣì sọ pé owó náà ń bọ̀ lọ́nà, owó náà kò tíì dé nìyẹn.

Ó dáa. Báwo ni owó ṣe máa dáhùn nígbà tí o bá bi í pé ọ́dà wo ló wá fún? Nǹkan mẹ́rin ni ìlà kan nínú sitétímẹ́ǹtì sábà máa ń gbé wá: iye, àkókò, orúkọ tó wà lórí akáǹtì tí owó ti wá, àti àlàyé tí ẹni tó fi ránṣẹ́ kọ. Iye kò dá yàtọ̀, nítorí báàgì kan náà lò ń ta fún ẹni púpọ̀. Orúkọ kò ṣeé gbójú lé, nítorí ọkọ ń sanwó fún ìyàwó, ẹ̀gbọ́n ń sanwó fún àbúrò, akáǹtì ẹlòmíràn sì lè jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́. Àkókò ń ranni lọ́wọ́ díẹ̀. Àlàyé nìkan ló ṣẹ́ kù tí ìwọ lè pàṣẹ ohun tó máa wà nínú rẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ òǹtajà fi sílẹ̀ fún oníbàárà láti kọ ohun tó bá wù ú. Ìdí nìyẹn tí o fi ń rí "owó báàgì", "ẹ ṣé", tàbí kó má sí nǹkan kan rárá.

Nítorí náà, kò gbọdọ̀ sí ọ́dà tí kò ní nọ́ńbà, nọ́ńbà akáǹtì rẹ kò sì gbọdọ̀ dá rìn. Èyí ni òfin tí mo máa ń tẹnu mọ́ jù. Bí oníbàárà bá béèrè akáǹtì, kọ ọ́dà rẹ̀ sílẹ̀ ná, kí o wá fi iye, nọ́ńbà akáǹtì àti nọ́ńbà ọ́dà ránṣẹ́ papọ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo. Kí ìlà tó gbẹ̀yìn sọ pé: "Níbi àlàyé, nọ́ńbà yìí nìkan ni kí ẹ kọ." Bí o bá ti fi akáǹtì sí ojú ìwé rẹ fún gbogbo ayé, tàbí tí o fi ránṣẹ́ kí oníbàárà tó mọ ohun tó fẹ́ rà, o ti ṣí ilẹ̀kùn fún owó tí kò ní lórúkọ nìyẹn. Bóyá ibẹ̀ ni èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn gbà wọlé.

Kí nọ́ńbà náà kúrú. Àyè tí wọ́n fún àlàyé kò dọ́gba káàkiri. Nínú ètò SEPA tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó lè gùn tó lẹ́tà 140, ṣùgbọ́n nínú Faster Payments ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà 18 péré ni. Áàpù míràn sì máa ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣáájú ohun tí oníbàárà kọ, kó sì gé ìyókù dànù. Nọ́ńbà mẹ́fà ń rọrùn láti tẹ̀, kò sì sí ibi tí kò lè gbà á.

Kí nìdí tí mo fi ní mẹ́fà, nígbà tí ọ́dà rẹ kò tíì kọjá nọ́ńbà mẹ́rin? Nítorí pé ènìyàn ń ṣi nọ́ńbà tẹ̀, èyí tó sì burú jù nínú àṣìtẹ̀ ni èyí tó bọ́ sórí ọ́dà ẹlòmíràn. Oníbàárà tó ni ọ́dà 1042 lè tẹ 1024. Ọ́dà 1024 wà lóòótọ́, ẹlòmíràn ló ni ín, ìwọ kò sì ní fura. Ohun tí a ń ṣe sí i ni pé a máa ń fi nọ́ńbà méjì kan kún ìparí, tó máa jẹ́ ẹ̀rí fún àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Pín nọ́ńbà ọ́dà sí ọ̀nà 97, kí o mú ohun tó ṣẹ́ kù. Bí o bá fi 97 pín 1042, á ku 72, nítorí náà ohun tí oníbàárà máa kọ ni 104272. Ti 1024 máa ku 54, tirẹ̀ ni 102454. Bí ẹni tó ni 1042 bá wá ṣèèṣì tẹ 102472, wàá mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àṣìtẹ̀ ni, torí pé 1024 àti 72 kò bára wọn tan. Bí nọ́ńbà kan bá yí padà, tàbí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá gba ipò ara wọn nínú nọ́ńbà ọ́dà yẹn, ohun tó ṣẹ́ kù á yàtọ̀. Ọgbọ́n 97 yìí kan náà ni wọ́n fi ń dá nọ́ńbà akáǹtì IBAN mọ̀ bí ẹnì kan bá ṣì í kọ. O kò ní fi orí ṣe ìṣirò yẹn o. Bí nọ́ńbà ọ́dà bá wà nínú A2, fọ́múlà yìí á gbé e jáde:

```
=A2&TEXT(MOD(A2,97),"00")
```

Ìwé tí a máa fi ṣe iṣẹ́ náà wá kàn. Ṣíìtì méjì tó, yálà nínú Excel tàbí Google Sheets. Sọ àkọ́kọ́ ní `Oda`, kí o sọ ìkejì ní `Banki`. Nínú `Oda`, òpó A ni nọ́ńbà ọ́dà, B ni ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n bẹ̀ ọ́ lọ́jà, C ni orúkọ oníbàárà, D ni iye tí ò ń retí. Nínú `Banki`, A ni ọjọ́ àti àkókò tí owó wọlé, B ni iye, C ni orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àlàyé rẹ̀, D ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ tíráńsífà láti báǹkì, E sì ni ibi tí ìwọ máa kọ nọ́ńbà ọ́dà sí. Òpó E yẹn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ. Ìyókù, ìwé á máa ṣe é fúnra rẹ̀.

Nínú `Oda`, òpó E á ka iye tí o ti so mọ́ ọ́dà náà, F á sì sọ ohun tó kù:

```
E2:  =SUMIFS(Banki!B:B,Banki!E:E,A2)
F2:  =D2-E2
```

Nínú `Banki`, òpó F á sọ iye ọ́dà tó ṣì ń retí iye owó yìí gan-an:

```
F2:  =COUNTIFS(Oda!F:F,B2)
```

Bí òpó yìí bá mú 1 wá, ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ ọ́ ní iye yẹn. Bí ó bá mú 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá, iye nìkan kò lè sọ nǹkan kan fún ọ, àlàyé ni kí o kà. Bí ó bá mú 0 wá, kò sẹ́ni tó jẹ ọ́ ní iye yẹn, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí owó yẹn kó tó dé. Má ṣe jẹ́ kí 1 tàn ọ́ o. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnì kan ló ṣeé ṣe kó ni ín. Ẹni tó ti sanwó tẹ́lẹ̀ tó tún ṣèèṣì san lẹ́ẹ̀kejì lè mú iye tó bá gbèsè ẹlòmíràn mu.

Àwọn ohun méjì kan máa ń da ìwé yìí rú, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ wọ́n ṣáájú kí o má baà jókòó tì í di òru. Àkọ́kọ́ ni pé owó tí o bá kọ láti inú sitétímẹ́ǹtì sínú ṣíìtì lè wọlé bí ọ̀rọ̀, kó má wọlé bí iye. `SUMIFS` kì í ro ọ̀rọ̀ pọ̀. Wàá ti so owó mọ́ ọ́dà tán, síbẹ̀ òpó E nínú `Oda` á ṣì máa sọ pé 0. Wo ẹ̀gbẹ́ tí nọ́ńbà sún mọ́ nínú àpótí rẹ̀: bí o kò bá tíì fọwọ́ kan ètò rẹ̀, iye máa ń sún mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ máa ń sún mọ́ ọwọ́ òsì. Ìkejì wà lára nọ́ńbà ìdánimọ̀ tíráńsífà. Excel kì í tọ́jú ju nọ́ńbà 15 lọ nínú iye kan. Bí nọ́ńbà ìdánimọ̀ bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sọ èyí tó kù ní ìparí di òdo, tíráńsífà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á wá jọ ọ̀kan náà. Yan òpó D nínú `Banki`, kí o sọ ọ́ di Text, kí o tó kọ ohunkóhun síbẹ̀. Bí o bá ti kọ ọ́ tán kí o tó rántí, ẹ̀pa ò bóró mọ́, tún un kọ láti inú báǹkì.

Jẹ́ kí a wá mú òwúrọ̀ kan, kí a rìn ín já. Mo máa kọ nọ́ńbà ọ́dà nìkan láì fi nọ́ńbà ẹ̀rí méjì yẹn kún un, kí o lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá sí níbẹ̀. Ọ́dà mẹ́fà ló ń retí owó: 1041 ń retí 8,500, 1042, 1043 àti 1046 ń retí 12,000 níkọ̀ọ̀kan, 1044 ń retí 15,300, 1045 ń retí 6,700. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 66,500. O ṣí báǹkì, ìlà mẹ́fà ló wọlé.

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 8,500, wọ́n kọ 1041 sí i. Òpó F nínú `Banki` sọ pé 1. Iye bá a mu, nọ́ńbà bá a mu, àkókò tó wọlé sì wà lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bẹ̀ ọ́ lọ́jà. Kọ 1041 sí òpó E, kí o kọjá. Má fojú di ọ̀rọ̀ àkókò yẹn o: owó tó wọlé kí ọ́dà tó wà kò lè jẹ́ owó ọ́dà náà, ó sì jẹ́ ọ̀nà kan tí a fi ń mú ẹni tó gbé rísíìtì àtijọ́ wá.

Ìkejì jẹ́ 12,000, ohun tó wà lára rẹ̀ ni "owó báàgì", orúkọ tó wá pẹ̀lú rẹ̀ kò sì jọ ti ẹnikẹ́ni nínú ìwé rẹ. Òpó F sọ pé 3. Fi í sílẹ̀ ná. Ṣe àwọn tó rọrùn tán kí o tó padà sí i.

Ìkẹta jẹ́ 11,950, wọ́n kọ 1043. Òpó F sọ pé 0, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọ́dà wà, ohun tó sì dín kò ju 50 lọ. Ó jọ pé báǹkì yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, tàbí kí oníbàárà fúnra rẹ̀ ti yọ ọ́. Kọ 1043 sí i. Òpó F nínú `Oda` á wá fi hàn pé 50 ṣì kù. Bóyá wàá fi jì í tàbí wàá béèrè, ìyẹn kù sí ọ lọ́wọ́, àmọ́ jẹ́ kí òfin ọ̀hún wà nílẹ̀ ṣáájú: sọ iye tí o lè fojú fò, kó má ju owó iṣẹ́ báǹkì lọ. Bí o bá máa fi jì í, inú `Oda` ni kí o ti dín iye tí ò ń retí kù, kí o kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Má fọwọ́ kan 11,950 tó wà nínú `Banki`. Ohun tí báǹkì sọ ni kí ṣíìtì yẹn máa sọ nígbà gbogbo.

Ìkẹrin jẹ́ 22,000, kò sí àlàyé kankan. Òpó F sọ pé 0. Nígbà tí iye bá tóbi ju ti ẹnikẹ́ni lọ, wò ó bóyá ó jẹ́ àròpọ̀ ọ́dà méjì tí ẹnì kan náà ni. 15,300 pẹ̀lú 6,700 jẹ́ 22,000, oníbàárà kan ló sì ni 1044 àti 1045, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí akáǹtì tí owó ti wá. Pín ìlà náà sí méjì nínú `Banki`, 15,300 fún 1044 àti 6,700 fún 1045, kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà wà lórí méjèèjì kí o lè rántí pé ìlà kan ni wọ́n. Bó bá jẹ́ pé oníbàárà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ni ọ́dà méjèèjì, mi ò ní gbà pé àròpọ̀ náà jẹ́ ẹ̀rí. Nínú ogójì ọ́dà, iye méjì tó ṣeé rò pọ̀ di ohun tí o fẹ́ kò ní wọ́n.

Ìkarùn-ún jẹ́ 12,000, wọ́n kọ 1024. O wo 1024, o rí i pé ọ́dà ọ̀sẹ̀ mìíràn ni, 9,000 ni iye rẹ̀, ó sì ti sanwó tán. Èyí jọ 1042 tí wọ́n yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Jíjọ kò tó. Orúkọ tó wà lórí owó náà ni kí o wò lẹ́yìn ìyẹn. Bó bá jẹ́ orúkọ oníbàárà tó ni 1042, kọ 1042 sí i. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, béèrè. Ní òwúrọ̀ yìí, orúkọ náà bá a mu.

Padà wá sí ìkejì. Nínú àwọn mẹ́ta tó ń retí 12,000, a ti rí owó 1042 àti 1043. 1046 nìkan ló kù, òpó F sì ti yí sí 1. Ọwọ́ á máa yún ọ láti kọ 1046, kí o di ẹrù. Dúró. Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé kò sí ẹlòmíràn, kò tíì sí ohun tó so owó yẹn mọ́ ẹni yìí. Kọ̀wé sí ẹni tó ni 1046 pé: "Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wo ló wà lórí akáǹtì tí ẹ fi sanwó, aago mélòó sì ni ẹ san án?" Kíyè sí bí mo ṣe béèrè. Mi ò sọ pé "ṣé akáǹtì Lágbájá ni?", nítorí ẹni tí kò tíì sanwó náà lè dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni". Ohun tí o mọ̀ láti inú báǹkì, fi í pamọ́ sí ọ lọ́kàn, kí oníbàárà mú tirẹ̀ wá, kí o wá fi méjèèjì wé ara wọn. Ó dáhùn pé akáǹtì àbúrò òun ni, ó dárúkọ rẹ̀, ó ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Báǹkì sọ aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ó tó. Kọ 1046 sí i.

Ìlà tó gbẹ̀yìn jẹ́ 7,200. Òpó F sọ pé 0, kò sí nọ́ńbà, orúkọ náà ṣàjèjì, kò sí ọ́dà méjì tó ròpọ̀ di iye yẹn. Èyí ni arákùnrin owó tó wà lọ́wọ́ rẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kọ "ko-mo" sí òpó E rẹ̀, kí o jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kì í ṣe owó èrè, má ná an. Bí ẹnì kan bá kọ̀wé pé òun ló ni ín, bi í ní ìbéèrè tí a bi ẹni tó ni 1046 yẹn. Bí ó bá ní òun ṣèèṣì fi ránṣẹ́, kí o dá a padà fún òun, inú akáǹtì tí ó ti wá nìkan ni kí o dá a padà sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ṣubú. Ẹlẹ́tàn lè fi owó tí kò jẹ́ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, kó bẹ̀ ọ́ pẹ̀lú omijé pé kí o dá a padà sí akáǹtì mìíràn, torí "tàkọ́kọ́ ti ní ìṣòro". Nígbà tí ẹni tó ni owó gan-an bá ké sí báǹkì rẹ̀, wọ́n á wá gba iye náà lọ́wọ́ rẹ, èyí tí ìwọ fi ránṣẹ́ sí òmíràn sì ti lọ nìyẹn. Bí ẹni náà bá kọ̀ jálẹ̀ pé kò lè jẹ́ akáǹtì tó ti wá, sọ pé kó lọ bá báǹkì rẹ̀ sọ ọ́, kí báǹkì bá báǹkì sọ̀rọ̀. Ìwọ náà sọ fún báǹkì tìrẹ.

Kí o tó pa ìwé dé lálẹ́, ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Àròpọ̀ gbogbo owó tó wọlé nínú sitétímẹ́ǹtì ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí o ti so mọ́ ọ́dà, pẹ̀lú iye tó wà lábẹ́ "ko-mo". Nínú òwúrọ̀ tiwa, báǹkì sọ 73,650. Ohun tí a so jẹ́ 66,450, èyí tí a kò mọ̀ jẹ́ 7,200. Ó pé. Bákan náà, a ń retí 66,500, 66,450 ló dé, 50 tó kù wà lórí 1043, a sì mọ ìdí rẹ̀. Bí àròpọ̀ ṣíìtì rẹ bá ju ti báǹkì lọ, o ti kọ ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá bí o bá kó sitétímẹ́ǹtì lánàá àti tòní wọlé pọ̀. Wá nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó fara hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí kì í ṣe èyí tí ìwọ fúnra rẹ pín. Bí ó bá kéré sí ti báǹkì, ìlà kan ló sọnù, tàbí iye kan ló wọlé bí ọ̀rọ̀.

Ohun kan kù tí mo máa ń fún àwọn tí oníbàárà wọn kì í kọ àlàyé láéláé. Bí ọ́dà mẹ́ta oní 12,000 bá ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní kí àkọ́kọ́ san 12,000, kí ìkejì san 11,999, kí ìkẹta san 11,998. O pàdánù owó tí kò tó nǹkan, iye fúnra rẹ̀ sì ti di orúkọ. Òpó F á máa sọ pé 1 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ti sanwó, iye rẹ̀ tún ti ṣí sílẹ̀ fún ọ́dà tuntun. Kò pé o, torí àwọn kan á rí 11,998, wọ́n á ní kí ni ti ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á san 12,000 gbáko. Ibi tí báǹkì bá sì ti ń yọ owó iṣẹ́ lára ohun tó ń bọ̀ lọ́nà, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Mò ń lò ó bí igi ìkejì tí a fi ń ti ilẹ̀kùn, nọ́ńbà ọ́dà ni igi àkọ́kọ́.

Ní ti owó tó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, lọ wo àkókò tó wọlé, kí o wá gbogbo ẹni tí o fi akáǹtì ránṣẹ́ sí láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún ṣáájú rẹ̀ tí kò sì tíì gba ẹrù. Bí wọn ò bá ju márùn-ún lọ, kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbéèrè méjì yẹn, láì dárúkọ iye tàbí ẹni tó fi ránṣẹ́. Bí ẹnì kankan kò bá sì mọ̀ ọ́n, béèrè lọ́wọ́ báǹkì rẹ bóyá wọ́n lè fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí báǹkì tí owó náà ti wá.